Kọjú síbí, fi ẹ̀yìn rìn: bí a ṣe ń mọ ètò pólà, òdòdó róòsì àti kádíọ́ìdì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì fi fọ́tò iṣẹ́ àṣetiléwá kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kó ya r = 4 cos 2θ. Ewé òdòdó méjì ló yà, ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, èkejì kọjú sí òsì, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Ibi tí r bá ti ní àmì ìyọkúrò ni mo fò. Ṣebí r ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Báwo ni jíjìnnà ṣe máa wá ní ìyọkúrò?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn, torí pé ohun tó rú u lójú yìí náà ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nínú ètò pólà, yálà ìṣirò ni wọ́n ń ṣe ni tàbí àwòrán ni wọ́n ń yà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ júwe ibì kan lórí pápá tó tẹ́jú, ọ̀nà méjì ló lè gbà. Ó lè sọ pé: "Rin ìṣísẹ̀ 3 sí ọ̀tún, kí o wá rin ìṣísẹ̀ 4 sókè." Ètò x àti y tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé girama nìyẹn, ojúkò náà sì ni (3, 4). Ó sì tún lè sọ pé: "Dúró ní ààrin pápá, kọjú sí ibi báyìí, kí o máa lọ tààrà ní ìṣísẹ̀ 5." Ètò pólà nìyẹn. Igun tí o kọjú sí ni θ, iye ìṣísẹ̀ tí o rìn ni r. Láti apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka igun: apá ọ̀tún gan-an ni 0°, òkè ni 90°, òsì ni 180°, ìsàlẹ̀ ni 270°. Ìyípadà náà lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí.

Tí a bá ti gbà pé θ ni ibi tí èèyàn kọjú sí, ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ní ìdáhùn. Ẹni tó kọjú síbì kan lè rìn síwájú, ó sì lè fi ẹ̀yìn rìn. r = −2 kò sọ pé ibẹ̀ jìnnà ní ìyọkúrò 2; ohun tó ń sọ ni pé kí o fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ 2 láì yí ojú padà. Kọjú sí 60°, ìyẹn apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí o fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ 2. Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì lo máa bá ara rẹ, níbi kan náà tí ẹni tó kọjú sí 240° tó sì rìn síwájú ní ìṣísẹ̀ 2 máa dé. Fífi ẹ̀yìn rìn kò yàtọ̀ sí kí á fi 180° kún igun, kí á sì rìn síwájú.

Èyí túmọ̀ sí pé ojúkò kan ṣoṣo ní orúkọ púpọ̀. (2, 240°) ni, (−2, 60°) ni, (2, −120°) náà ni, torí pé ẹni tó yí 120° sí apá ìsàlẹ̀ kọjú síbi kan náà. Tí o bá yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di (2, 600°). Ó dà bí ọmọ tí bàbá sọ lórúkọ, tí ìyá sọ lórúkọ, tí ìyá àgbà náà sì ní orúkọ tó ń pè é: èyíkéyìí tí wọ́n bá pè, ọmọ náà ló máa dáhùn. Nínú ètò x àti y, orúkọ kan péré ni ojúkò kọ̀ọ̀kan ní. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tó fi jẹ́ pé, tí a bá fẹ́ ṣí ojúkò láti ètò kan sí èkejì, ọ̀nà kan rọrùn láti gbà, ọ̀nà kejì sì ní kòtò.

Ọ̀nà tó rọrùn ni láti pólà lọ sí x àti y. Láti ojúkò rẹ, fa ìlà kan wá sórí ìlà x ní tààrà. Onígun mẹ́ta tó ní igun 90° lo rí yẹn, r ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù. Láti ibẹ̀:

x = r cos θ
y = r sin θ

Orúkọ yòówù kí o fi bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà lo máa dé. Mú (−2, 60°): x = −2 × 0.5 = −1, y = −2 × 0.866, tó jẹ́ bíi −1.73. Mú (2, 240°): cos 240° jẹ́ −0.5, sin 240° jẹ́ −0.866, ìdáhùn kò sì yí padà. Ohun kan ṣoṣo tó sábà máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni kí kákúlétọ̀ wà ní rédíánì nígbà tí ìwọ ń fún un ní dìgírì. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, tẹ cos 60. Tó bá fún ọ ní 0.5, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá fún ọ ní −0.952, rédíánì ló wà.

Ọ̀nà kejì, láti x àti y lọ sí pólà, ló ní kòtò. Ìlànà tí wọ́n máa ń kọ sójú pátákó nìyí: r² = x² + y², àti tan θ = y/x. Irọ́ kọ́ ni méjèèjì, àmọ́ èkejì kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ẹ jẹ́ ká gbé (−3, 3) wò. 9 + 9 jẹ́ 18, nítorí náà r jẹ́ √18, bíi 4.24. y/x jẹ́ −1. Tẹ tan⁻¹ sí −1, kákúlétọ̀ á sọ fún ọ pé −45°. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ (4.24, −45°) sílẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí −45°, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló kọjú sí, nígbà tó jẹ́ pé òkè lọ́wọ́ òsì ni (−3, 3) wà. Ẹni náà ti dé ọ̀dọ̀ (3, −3), tó jẹ́ òdìkejì ibi tó ń lọ gan-an.

Kákúlétọ̀ kò ṣìṣe. Nígbà tí a pín 3 fún −3, a ti da àmì méjèèjì pọ̀. 3 tí a pín fún −3 jẹ́ −1, −3 tí a pín fún 3 náà jẹ́ −1, nítorí náà kò sí bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ èyí tí a ní lọ́kàn. tan⁻¹ kì í sì í dáhùn kọjá ààrin −90° sí 90°, ìyẹn apá ọ̀tún nìkan. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan kákúlétọ̀, fi àmì sí ojúkò náà lórí bébà, bó tiẹ̀ jẹ́ wúruwùru. Tó bá wà lápá òsì, tí x bá ní ìyọkúrò, fi 180° kún ohun tí kákúlétọ̀ sọ. −45° + 180° jẹ́ 135°, (4.24, 135°) sì ni ìdáhùn. Tí x bá jẹ́ 0, kò sí pínpín kankan láti ṣe: òkè ni, tàbí ìsàlẹ̀.

Tí o bá kíyè sí i, −45° yẹn kì í ṣe ìṣòro fúnra rẹ̀. (−4.24, −45°) jẹ́ orúkọ tòótọ́ fún (−3, 3): kọjú sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí o fi ẹ̀yìn rìn. Àṣìṣe náà ni pé a mú igun látinú orúkọ kan, a sì lọ mú r látinú orúkọ mìíràn.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti rí kòtò yìí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà fi ní iṣẹ́ tó ń gba y àti x lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àmì wọn má bàa sọnù. Nínú Python:

```python
import math
math.degrees(math.atan2(3, -3))   # 135.0
```

y ló ń ṣáájú nínú àkámọ́ yẹn, x ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí wọn padà á gba igun mìíràn, ẹ̀rọ kò sì ní ké sí i.

Kì í ṣe ojúkò nìkan la ń ṣí láti ètò kan sí èkejì, a máa ń ṣí odidi ìlà náà. Mú r = 4 cos θ. A fẹ́ rí r cos θ níbẹ̀ kí á lè pè é ní x, nítorí náà a ó fi r ṣe ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: r² = 4r cos θ. Ó di x² + y² = 4x, èyí tí a lè tún tò sí (x − 2)² + y² = 4. Òbìrí ni, ààrin rẹ̀ wà ní (2, 0), láti ààrin dé etí rẹ̀ sì jẹ́ 2. Fífi r ṣe ìlọ́po lè mú ojúkò ààrin pápá wọlé láìpè, torí pé ibẹ̀ ni r ti jẹ́ 0. Níhìn-ín kò sí wàhálà, nítorí pé r = 4 cos θ fúnra rẹ̀ ń kọjá níbẹ̀ nígbà tí θ jẹ́ 90°. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo bí òbìrí yìí ṣe ń yọ jáde. Láti 0° dé 90°, r ń kéré sí i láti 4 dé 0, ìdajì òkè ló sì yà. Láti 90° dé 180°, cos ti ní ìyọkúrò: òkè lọ́wọ́ òsì la kọjú sí, ẹ̀yìn la fi ń rìn, nítorí náà ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìlà náà bọ́ sí, ó sì ya ìdajì ìsàlẹ̀. Nígbà tí a bá dé 180°, òbìrí ti pé. Láti ibẹ̀ dé 360°, orí ìlà àtijọ́ la tún ń rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé òbìrí yìí ni òdòdó róòsì tó kéré jù, tó ní ewé kan ṣoṣo.

Òdòdó róòsì ni orúkọ tí wọ́n ń pe r = a cos nθ àti r = a sin nθ, nígbà tí n bá jẹ́ nọ́ńbà odidi. Guido Grandi, àlùfáà àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ló fún un ní orúkọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún róòsì, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wá ya èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yà, r = 4 cos 2θ.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì gígùn. Ibi méjì ni kí o kọ́kọ́ wá: ibi tí r ti jẹ́ 0, àti ibi tí r ti tóbi jù. cos 2θ jẹ́ 0 nígbà tí 2θ bá jẹ́ 90°, 270°, 450°, 630°. Ìyẹn ni pé θ jẹ́ 45°, 135°, 225°, 315°. Ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ìlà náà ń padà sí ààrin. Láàárín wọn ni ṣóńṣó ewé wà: ní 0°, r jẹ́ 4, ní 90°, ó jẹ́ −4, ní 180°, 4, ní 270°, −4.

Wá máa rìn. Láti 0° dé 45°, o ń rìn síwájú, r ń kéré sí i: 4, lẹ́yìn náà 3.46 ní 15°, lẹ́yìn náà 2 ní 30°, kó tó di 0. Ìdajì òkè ewé apá ọ̀tún nìyẹn. Láti 45° dé 135°, òkè lo kọjú sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lo fi ń rìn. Ní 60°, r jẹ́ −2, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ní apá 240°, lo máa fi àmì sí. Ní 90°, o wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní (0, −4). Odidi ewé kan ti yọ, ìsàlẹ̀ ló sì kọjú sí. Láti 135° dé 225°, r ti padà di ti ìwájú, ewé apá òsì yọ. Láti 225° dé 315°, ìsàlẹ̀ lo kọjú sí, o ń fi ẹ̀yìn rìn, ewé òkè yọ. Láti 315° dé 360°, o parí ìdajì tó ṣẹ́kù lára ewé àkọ́kọ́. Ewé mẹ́rin. Àwọn méjì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ni ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, àwọn tí a fi ẹ̀yìn rìn yà.

Wàyí o, yí 2 padà sí 3: r = 4 cos 3θ. Àwọn ìwé sọ fún wa pé tí n bá jẹ́ aláìléku, bíi 2 tàbí 4, ewé yóò jẹ́ ìlọ́po méjì n; tí ó bá jẹ́ eléku, bíi 3 tàbí 5, ewé yóò jẹ́ n péré. Ọ̀pọ̀ ló há a sórí láì mọ ìdí rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e sódì. Ìdí rẹ̀ kò le rárá. Bi ara rẹ pé: tí mo bá yí ẹ̀yìn padà pátápátá, tí mo fi 180° kún θ, kí ló ṣẹlẹ̀ sí r? Pẹ̀lú 2θ, igun inú cos fi 360° pọ̀ sí i, nítorí náà r kò yí padà. O kọjú sí òdìkejì, o sì rìn síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀: ibi tuntun ni. Pẹ̀lú 3θ, igun inú cos fi 540° pọ̀ sí i, àmì r sì yí padà. O kọjú sí òdìkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lo fi ń rìn: ibi tí o ti wà tẹ́lẹ̀ lo padà sí. Orúkọ tuntun ni, ojúkò àtijọ́ ni.

O lè fojú ara rẹ rí i. Ṣóńṣó àkọ́kọ́ wà ní 0°. Ní 60°, r jẹ́ −4, ewé rẹ̀ kọjú sí 240°. Ní 120°, r jẹ́ 4, ewé kọjú sí 120°. Ní 180°, r jẹ́ −4: kọjú sí òsì, fi ẹ̀yìn rìn, orí ṣóńṣó àkọ́kọ́ lo bọ́ sí. Ewé mẹ́ta ti pé ní 180°, ìyókù jẹ́ àtúnrìn, gẹ́lẹ́ bí òbìrí wa ṣe ṣe. Bí ìwọ bá ń yà á, tí o sì rí ewé mẹ́fà, ó dájú pé o ti kọ àmì ìyọkúrò sílẹ̀ níbì kan, o sọ ọ́ di ìrìn iwájú. Ti sin kò yàtọ̀, àyàfi pé òdòdó náà yí díẹ̀: ṣóńṣó àkọ́kọ́ r = 4 sin 2θ wà ní 45°.

Ó ku kádíọ́ìdì. Johann Castillon ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1741, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọkàn. Ẹ jẹ́ ká ya r = 2 + 2 cos θ. Níhìn-ín, cos kì í kéré ju −1 lọ, nítorí náà r kì í ní ìyọkúrò láéláé. A kò ní fi ẹ̀yìn rìn rárá. Cos −θ kò yàtọ̀ sí cos θ, nítorí náà ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ òjìji ìdajì òkè nínú dígí. Ìdajì òkè nìkan la ní láti ṣírò: ní 0°, r jẹ́ 4, ní 60°, 3, ní 90°, 2, ní 120°, 1, ní 180°, 0.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni pé wọ́n á so àwọn ojúkò yìí pọ̀ bí ẹyin. Lo x = r cos θ àti y = r sin θ láti tún ojú rẹ ṣe. Ní 60°, x jẹ́ 1.5, y jẹ́ 2.6, ní 90°, y jẹ́ 2 péré. Nítorí náà, 60° ni ibi tó ga jù, kì í ṣe 90°. Ní 120°, x jẹ́ −0.5, y jẹ́ 0.87. Ìyẹn ni pé ìlà náà kọjá sí apá òsì ààrin pápá díẹ̀, kó tó wá padà wọ ààrin láti apá òsì. Ohun tó fún un ní àwòrán ọkàn nìyẹn: àyíká òsì rẹ̀ wọ inú, ó sì ní ṣóńṣó mímú ní ààrin. Má ṣe yí ibẹ̀ róbótó. Apá ọ̀tún, ní (4, 0), ló rí róbótó. Kò ní ṣóńṣó bíi ọkàn tí wọ́n ń yà sórí káàdì.

Àwọn tó ń ṣètò ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi òde àríyá ń fi àwòrán yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Maikirofóònù tí ọ̀pọ̀ olórin ń lò jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní kádíọ́ìdì, torí pé bó ṣe ń gbọ́ ohùn yí ká tẹ̀ lé 1 + cos θ. Ohùn tó bá ti iwájú wá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, ní 90°, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́. Ti ẹ̀yìn, ní 180°, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé sípíkà olórin sí kó má bàa máa hu.

Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà iwájú cos bá tóbi ju èkejì lọ, bíi r = 1 + 3 cos θ, r á ní ìyọkúrò nígbà tí θ bá kọjá bíi 109.5°. Ní 180° ó jẹ́ −2. Nínú ìṣirò, a ó fi ẹ̀yìn rìn, a ó sì bọ́ sí apá ọ̀tún: ojóbó kékeré kan á yọ nínú ojóbó ńlá. Maikirofóònù kan wà tó ń gbọ́ bẹ́ẹ̀, haipakádíọ́ìdì. Àwọn tó ń ya àwòrán tirẹ̀ kì í fi ẹ̀yìn rìn, torí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí ohùn ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á yọ àmì ìyọkúrò kúrò, wọ́n á sì ya ojóbó kékeré yẹn sí ẹ̀yìn. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé maikirofóònù náà ń gbọ́ ìdajì ohùn tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an wá: 2 nínú 4. Tí wọ́n bá gbé sípíkà sí ẹ̀yìn rẹ̀ bíi ti kádíọ́ìdì, á hu. Méjì ni wọ́n máa ń gbé, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ní nǹkan bí 110° sí iwájú rẹ̀, níbi tí r ti jẹ́ 0.